Ṣé Yóò Ti Rán An, àbí Yóò Máa Rán An? Àlàfo Ọjọ́ Iwájú Nínú Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ wo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò nínú wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìparí ìlà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tún un ṣe kó tó fi dí àlàfo:

```
By noon on Friday, Sade ___ all twelve gowns.  — sew
At noon on Friday, Sade ___ the last gown.  — iron
```

Aago kan náà ni méjèèjì dárúkọ. Obìnrin kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣọ́ọ̀bù kan náà ló sì wà. Síbẹ̀, ìdáhùn wọn kò jọra. "Will have sewn" ló yẹ àlàfo àkọ́kọ́, "will be ironing" ló yẹ èkejì. Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pe àkọ́kọ́ ní fíúṣọ̀ pọ́fẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pe èkejì ní fíúṣọ̀ kọntíníúọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti ka gírámà Yorùbá níléèwé yóò rántí orúkọ méjì tó bá wọn mu: aṣetán àti atẹ́rẹrẹ. Èmi yóò máa lo àwọn orúkọ tiwa yìí, nítorí pé wọ́n sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Òfin tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kúrú: bí o bá rí "by", kọ "will have", bí o bá rí "at", kọ "will be". Inú mi kì í dùn sí òfin yìí. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Ó máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí ọmọ gbára lé e láì wo ìyókù gbólóhùn. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ṣètò ìdánwò bá gbé ìbéèrè tó jinlẹ̀ díẹ̀ kalẹ̀, òfin náà á já a sílẹ̀, ọmọ náà kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe aago ló ya gbólóhùn méjèèjì òkè yìí sọ́tọ̀, ibi tí aago náà bọ́ sí lára iṣẹ́ ni. Ká ní ìyàwó tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé yà sí ṣọ́ọ̀bù Ṣadé ní aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀. Bí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, aṣọ méjìlá ni yóò bá lórí ìkọ́. Iṣẹ́ ti tán, bóyá láàárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá láti àná. Gbólóhùn náà kò sọ ìgbà tó tán, ohun tó ṣáà dá wa lójú ni pé kò kọjá ọ̀sán Jímọ̀. Bí gbólóhùn kejì bá jẹ́ òótọ́, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni yóò bá lọ́wọ́ Ṣadé, aṣọ ìkẹyìn á wà lórí tábìlì, apá kan ti dán, apá kejì ṣì rún. Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn: bí èèyàn bá wọlé ní àkókò tí gbólóhùn dárúkọ, kí ni yóò bá? Bí ó bá jẹ́ èrè iṣẹ́ ló bá, aṣetán ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló bá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, atẹ́rẹrẹ ni.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hans Reichenbach, tó sá fún ìjọba Hitler tó sì wá di olùkọ́ fásitì ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó ṣì wúlò títí dòní. Nínú ìwé tó kọ lórí lọ́jíìkì ní 1947, ó ya ojú-ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àsìkò inú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ní àkókò mẹ́ta ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe méjì: àkókò tí a ń sọ̀rọ̀, àkókò tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀, àti àkókò tí a dúró sí láti wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìkẹta yìí ni àwa ń wá. Nínú gbólóhùn Ṣadé, òní la ń sọ̀rọ̀, ọ̀sán Jímọ̀ la sì dúró sí. Bí a bá dúró níbẹ̀ tí iṣẹ́ ti wà lẹ́yìn wa, aṣetán ni a ó lò. Bí a bá dúró níbẹ̀ tí iṣẹ́ yí wa ká, atẹ́rẹrẹ ni.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Ṣadé yóò *ti* rán gbogbo aṣọ méjèèjìlá. Ṣadé yóò *máa* lọ aṣọ ìkẹyìn lọ́wọ́. "Ti" ló gbé aṣetán, "máa" ló gbé atẹ́rẹrẹ, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́fà tó máa ń ṣì wọ́n lò nílé. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá lẹ́nu ara rẹ̀ kó tó dí àlàfo, ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ní ibi méjì tí etí Yorùbá ti lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, mo sì fẹ́ ká dúró lé wọn lórí díẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ ni pé "máa" ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "Ṣadé máa rán aṣọ mi" kò sọ pé abẹ́rẹ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò kan. Ó kàn ń sọ pé yóò rán an ni, "will sew" lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni "yóò máa wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ bárakú, ohun tí èèyàn ń ṣe léraléra, "will come every Friday". Ọmọ tó bá rí "máa" nínú orí rẹ̀ tó sì sáré kọ "will be coming" ti ṣì í. Ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, "lọ́wọ́". Bí o bá fi "lọ́wọ́" parí gbólóhùn náà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà, atẹ́rẹrẹ ni. Ní ọ̀sán Jímọ̀, Ṣadé yóò máa lọ aṣọ lọ́wọ́: ó bọ́ sí i. Yóò máa wá lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀: kò bọ́ sí i rárá.

Ibi kejì le ju èyí lọ, ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn mẹ́rin mìíràn wá láti inú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

```
By the time the bride ___, Sade ___ the shop.  — come, close
Sade ___ until midnight on Thursday.  — work
By December, Sade ___ the bride for ten years.  — know
By this time on Saturday, we ___ at the party.  — dance
```

Àlàfo méjì ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Èkejì rọrùn: nígbà tí ìyàwó bá dé, títì ni yóò bá ilẹ̀kùn, nítorí náà "will have closed". Àlàfo tó ṣáájú ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á kọ "by the time the bride will come". Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni "nígbà tí ìyàwó bá máa fi dé", "máa" ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ náà sì rò pé "will" ló yẹ kó dúró fún un. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "will" sínú apá gbólóhùn tó ń sọ ìgbà. "Comes" ni ìdáhùn, pẹ̀lú "s" nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ìyàwó. Apá tó ń dárúkọ àkókò máa ń wà ní àsìkò lọ́ọ́lọ́ọ́, apá tó ń sọ iṣẹ́ ló ń gbé "will". Bákan náà ló rí lẹ́yìn "when", "before", "after" àti "as soon as", nígbà tí wọ́n bá ń sọ àkókò.

Nínú gbólóhùn "until", gbèdéke kọ́ ló wà níbẹ̀. "By midnight" ń sọ pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá òru, ó lè tán kó tó di ìgbà náà. "Until midnight" ń sọ pé ọwọ́ kò ní kúrò lára iṣẹ́ títí di òru, ìgbà náà ni yóò tó dúró. Ẹni tó bá wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ yóò bá Ṣadé nídìí máṣíìnì, bí ó bá wọlé ní aago mọ́kànlá yóò bá a níbẹ̀. "Will be working" ni. "Will work" náà kò burú nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá ní kí a yan ọ̀kan nínú aṣetán àti atẹ́rẹrẹ, atẹ́rẹrẹ ni a ó mú. Àwọn tó ń fi "till" rọ́pò "by" nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, bíi kí wọ́n ní "kó o parí ẹ̀ títí di Jímọ̀", ni gbólóhùn yìí máa ń dà láàmú jù, nítorí pé gbèdéke ni wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá fi ìbéèrè ẹni tó wọlé yẹ̀ ẹ́ wò, ó dà bíi pé ó fẹ́ já wa kulẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ṣé Ṣadé á ti parí mímọ̀ tó mọ ìyàwó náà? Rárá o, ó ṣì mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó tán. Síbẹ̀, "will have known" ni ìdáhùn, "will be knowing" kò sì ṣeé gbà. Ìdí méjì ló wà fún un. Èkíní ni irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí "know" jẹ́. Zeno Vendler, ẹni tí wọ́n bí ní Họ́ńgárì, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1957 tó fi pín ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá àkókò lò. Àwọn kan jẹ́ ipò tí èèyàn wà, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe: mímọ̀, níní, gbígbàgbọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà gba "-ing". Etí Yorùbá ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí pé àwa náà kì í sọ pé "mo ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́". Ìdí kejì ni "for ten years". Gbólóhùn náà ń ka ọdún, ó ń ka á títí dé oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ kejì tí aṣetán Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nìyí: ó máa ń wọn bí nǹkan ṣe pẹ́ tó di àkókò tí a dárúkọ, bí nǹkan náà kò bá tiẹ̀ tíì tán.

Nítorí náà, ìbéèrè kejì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́: ṣé gbólóhùn náà ń ka nǹkan? Ó lè ka iye ohun tó ti jáde, bíi "all twelve gowns" tàbí "three of them". Ó sì lè ka gígùn àkókò, bíi "for ten years". Bí kíkà bá ti wà nínú rẹ̀ tí ó sì dé ibi àkókò tí a dárúkọ, aṣetán ló fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣì ń lọ ni a ń wọn gígùn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀yà kẹta tó so méjèèjì pọ̀: bí Ṣadé bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, "by midnight she will have been working for six hours". Nínú ìdánwò tí kò bá fi ẹ̀yà kẹta yìí sí ara ohun tí a lè yàn, "will have worked" ni kí a mú.

Vendler tún ya àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní òpin nínú ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní. Rírán aṣọ méjìlá ní òpin: nígbà tí èkejìlá bá jáde, ó tán nìyẹn. Ijó kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè dá ijó dúró nígbàkígbà, kò sì sí ẹni tó máa ní ijó náà kù díẹ̀ kó pé. Ìyẹn ló gbé wa dé gbólóhùn kẹrin, ibi tí òfin "by" ti wó lulẹ̀ pátápátá.

"By this time on Saturday, we ___ at the party." Ọmọ tó ń ṣọ́ "by" á kọ "will have danced". Kí ni ìyẹn yóò wá túmọ̀ sí? Pé ijó ti parí, àwa ń gba ilé lọ. Kò sí ohun kankan nínú gbólóhùn náà tó ní kí á parí ijó kí wákàtí yẹn tó pé. Kò ka ijó, kò sì fún ijó ní òpin. Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn ní ìwòyí Sátidé yóò bá wa lórí ijó. "Will be dancing" ni ìdáhùn tó bá ìtumọ̀ náà mu jù, àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì sì ń sọ bẹ́ẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. "By" kò fi dandan mú wa ní aṣetán. Ohun tó ń sọ ni pé kó tó di àkókò yẹn, ìyípadà kan ti wáyé. Ìyípadà náà lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti tán. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibí gan-an ni ibi kejì tí etí Yorùbá ti ń tan ni jẹ. Báwo la ṣe ń sọ gbólóhùn yìí nílé? "Tó bá fi máa di ìwòyí Sátidé, a ó *ti máa* jó." "Ti" àti "máa" jókòó pọ̀: "ti" ń sọ pé a ti bẹ̀rẹ̀, "máa" ń sọ pé a wà lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ "ti", ó sì kọ "have". Nígbàkígbà tí "ti máa" bá jáde lẹ́nu rẹ, má ṣe jẹ́ kí "ti" nìkan darí rẹ. Wò ó bóyá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ń ka gígùn àkókò. Bí ó bá ń kà á, "will have been dancing". Bí kò bá kà á, "will be dancing", tàbí "will already be dancing" bí o bá fẹ́ kí "ti" rẹ ṣì hàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa bí a ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń yan ẹ̀yà tó tọ́ tán kí wọ́n tó pàdánù máàkì lórí ìkọ̀wé. Lẹ́yìn "will", "have" kì í di "has", ì báà jẹ́ Ṣadé nìkan ni à ń sọ. Lẹ́yìn "have", ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wá: "will have written", kì í ṣe "will have wrote" tàbí "will have write". "Sew" ní méjì, "sewn" àti "sewed", méjèèjì sì tọ́. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa jù ni "been" àti "being". Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń pè é, ohùn kan náà ni méjèèjì ní, ọmọ á sì kọ "will have being working" láì fura. Lẹ́yìn "have", "been" nìkan ló lè wà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí àwọn tó ń ṣètò irú ìbéèrè yìí pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo ẹ̀bi kọ́ ni ti ọmọ. Ní àwọn ọdún 1890, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọpọlọ ní Jámánì, lo àlàfo fún àwọn ọmọ iléèwé ìlú Breslau, èyí tí wọ́n ń pè ní Wrocław ní Pólàndì lónìí. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ́ wákàtí púpọ̀ ṣe ń rẹ ọpọlọ ọmọ tó. Àyọkà odindi ló fún wọn, tó ti yọ ọ̀rọ̀ àti ègé ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, tí ọmọ sì lè fi ìtàn tó yí àlàfo ká mọ ohun tó sọnù. Ìdánwò tiwa sábà máa ń gé gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ láìní ìtàn lẹ́yìn. Nígbà náà, gbólóhùn yẹn nìkan ló gbọdọ̀ gbé gbogbo ẹ̀rí tí ọmọ nílò. Ẹ wo èyí:

```
At six o'clock, the guests ___.  — leave
```

Kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀. Àwọn àlejò lè ti lọ tán ní aago mẹ́fà, wọ́n sì lè máa kó ẹrù wọn jáde lọ́wọ́. "Will have left" tọ́, "will be leaving" náà tọ́. Olùkọ́ tó bá fún ọ̀kan ní máàkì tó sì fagi lé èkejì ti rẹ́ ọmọ jẹ. Fífi "by" rọ́pò "at" á tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, ṣùgbọ́n ó ti mú wa padà sórí kí ọmọ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo. Ó sàn kí a fi ìdí kan sínú gbólóhùn náà, ohun tí ẹni tó bá wọlé máa ṣe tàbí tí kò ní lè ṣe:

```
Don't come at six to greet the guests; they ___ by then.  — leave
Come at six and help with the bags; the guests ___ then.  — leave
```

Nínú àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí a ó kí mọ́, nítorí náà "will have left". Nínú èkejì, ẹrù ṣì wà láti gbé, àwọn tó ni ín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà "will be leaving".